Ìlà mẹ́rin tí mo gé kúrò lára ewì àjẹ̀

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ewì ni mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, ẹni tí ò bá nífẹ̀ẹ́ sí i kó máa kọjá lọ, a ò ní bínú. Ó ti pẹ́ tí nǹkan yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, pé àwa tá à ń kọ ewì ní Àjàṣẹ́ níbí, a mọ bá a ṣe ń bẹ̀rẹ̀, a mọ bá a ṣe ń lé e dé àárín, àmọ́ tó bá ti ku díẹ̀ kó parí, ẹ̀rù á bà wá, a ó wá máa ṣàlàyé fún èèyàn ohun tó ti yé e tipẹ́. Èmi fúnra mi ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ o, kí ẹnì kan má lọ sọ pé òun ni mò ń bá wí.

Lọ́dún tó kọjá mo kọ ewì kan nípa àjẹ̀ bàbá mi. Àjẹ̀ o, èyí tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ajé, torí ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ láìfi àmì sí i, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù pé kí ló dé tí mò ń pariwo àjẹ́ bàbá wa káàkiri. Bó ṣe rí nígbà yẹn nìyí:

Àjẹ̀ bàbá mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ẹrẹ̀ ọ̀sà ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.
A ti ta ọkọ̀, a ti ta àwọ̀n,
ẹnikẹ́ni ò ná àjẹ̀.
Láràárọ̀ tí ìyá mi bá ń gbálẹ̀,
ó ń gbálẹ̀ dé ìdí àjẹ̀,
ó ń gbálẹ̀ yí i ká,
kò gbé e kúrò.
Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ òtítọ́ rí, ẹ̀yin èèyàn mi,
ikú lè mú ara lọ, kò lè mú ìfẹ́ lọ.
Ẹ jẹ́ ká fẹ́ràn ara wa nígbà tá a wà láyé,
torí ọ̀la ò dájú fún ẹnikẹ́ni.

Mo kà á níbi ìpàdé kékeré kan, inú yàrá kan báyìí, a ò ju ọgbọ̀n lọ. Nígbà tí mo dé "kò gbé e kúrò," gbogbo ilé pa lọ́lọ́, fáànù nìkan ni mò ń gbọ́. Ká ní mo lọ́gbọ́n ni, ibẹ̀ ni mi ò bá ti jókòó. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn dẹ́rù bà mí, mo rò pé kò yé wọn ni, mo bá da ìlà mẹ́rin tó kù lé wọn lórí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ṣá, irú àtẹ́wọ́ tí wọ́n máa ń pa ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìkéde, ẹnì kan tiẹ̀ ṣe àmín. Ìgbà tí mò ń jáde ni ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Wándò dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi, ìyá ẹ yẹn, ṣé ó ṣì ń gbálẹ̀ yí i ká?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Kò bi mí nípa ìfẹ́ òtítọ́, kò bi mí nípa ọ̀la. Ìgbálẹ̀ ló gbé lọ sílé.

Mo wá jókòó ti ìlà mẹ́rin yẹn lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yọ wọ́n kúrò nídìí àjẹ̀, mo gbé wọn lọ sídìí ewì mìíràn tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀, èyí tó dá lórí ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan tí mọ́tò pa. Ẹ ò ní gbà gbọ́, ó bá a mu rẹ́gí! Ikú lè mú ara lọ, kò lè mú ìfẹ́ lọ, ewúrẹ́ náà kúkú lóun gbà. Látìgbà yẹn ni mo ti ń dá ìparí ewì mi wò báyìí: tí ìparí bá lè bá ewì mìíràn mu láìyí ọ̀rọ̀ kankan padà, a jẹ́ pé kì í ṣe ti ewì yìí, ẹ̀wù àyálò ni. Èkejì tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa fi ọwọ́ bo ìlà ìsàlẹ̀, mo á kà á sókè, mo á tún bo ọ̀kan sí i, títí mo fi máa dé ibi tí ojú ti ń rí nǹkan, bí ìgbálẹ̀, ẹrẹ̀, ilẹ̀kùn. Ẹ ṣàkíyèsí ìlà mẹ́rin yẹn, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tí èèyàn lè fọwọ́ kàn, ìfẹ́, ikú, ayé, ọ̀la, àwọn baba ńlá ọ̀rọ̀ tó ti rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" pẹ̀lú "torí" àti "ẹ jẹ́ ká" ló so wọ́n pọ̀. Tí mo bá ti rí mẹ́ta yìí nísàlẹ̀ ewì báyìí, mo ti mọ̀ pé akéwì ti jókòó, oníwàásù ló dìde.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Èyí tó dùn mí jù ni pé irọ́ ni mo pa. Mi ò mọ ìdí tí ìyá mi ò fi gbé àjẹ̀ yẹn kúrò. Ó lè jẹ́ ìfẹ́ lóòótọ́. Ó tún lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ún, ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù, ó lè jẹ́ pé ó ṣì ń bá bàbá jà nínú ọkàn ẹ̀ torí owó kan tí bàbá yá tí ò sọ fún un, mo ti rí i tó fẹsẹ̀ ta àjẹ̀ yẹn rí, kò mọ̀ pé mò ń wò ó. Gbogbo ìyẹn ló wà nínú "ó ń gbálẹ̀ yí i ká" kí n tó dé. Bí mo ṣe lẹ "ìfẹ́ òtítọ́" mọ́ ọn báyìí, gbogbo ìyókù kú.

Àwọn kan á sọ pé àṣà wa ni kí ewì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ dákun, àṣà ta ni? Ilé ìwé ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, a ó ka ewì sórí tán, mẹ̀tírì á ní ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́, a ó sì kọ ọ́ sínú kàyé. Oríkì tí àwọn ìyá wa ń kì fún wa láàárọ̀ ńkọ́? Ìlà kan nínú oríkì lè gbé ogun kan àti ìyàwó mẹ́ta, ẹni tó ń kì í ò ní dúró ṣàlàyé, á ti bọ́ sórí ìlà tó kàn. Tó o bá fẹ́ mọ ìdí ẹ̀, wà á lọ bá àgbà, á pa ìtàn ẹ̀ fún ọ, àmọ́ ìtàn lọ́tọ̀, oríkì lọ́tọ̀. Ẹsẹ Ifá náà, ẹ wò ó dáadáa, ìtàn á parí, babaláwo á tún padà sórí orúkọ àwọn awo tó fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wá dá Ifá ni yóò mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ tiẹ̀ mu nínú gbogbo ohun tó gbọ́. Àlàyé lè wà o, àmọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ ló ń wà, kì í wà nínú ẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àmọ́ tá a bá mú bíìkì dání, a ó sọ odidi tán, a ó tún bu ènì lé e bí ẹni tó ń ta gàrí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fi ìyókù ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan ní Kétu tóun náà ń kéwì, ọ̀hún ni mo ti rí i pé gígé nìkan ò tó. Ó ní ó dára gan-an, pé ìgbà wo ni bàbá mi ń bọ̀ láti Libreville? Háà! Ó rò pé bàbá rìnrìn àjò ni, wọ́n ta ọkọ̀ torí pé ó ti rí iṣẹ́ mìíràn. Kò sì jẹ̀bi, torí inú ìlà tí mo gé ni "ikú" wà, ibòmíràn ò sí tí mo ti sọ pé bàbá ti kú. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí, wọ́n á gbọ́ pé kí wọ́n má ṣàlàyé, wọ́n á wá gbé òkodoro ọ̀rọ̀ pamọ́, òǹkàwé á máa táràrà kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn, ohun tó túmọ̀ sí lẹ lè fi sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ò sì gbọ́dọ̀ dúró di ìparí, àfi kẹ́ ẹ gbé e lọ sókè. Mo kọ́kọ́ fi "lẹ́yìn tí bàbá kú" sáàárín, ó dún bí ìwé ìròyìn. Mo pa á rẹ́. Nígbà tó yá mo yí àkọlé padà, dípò "Àjẹ̀ Bàbá Mi" mo kọ "Ọjọ́ Kọkànlélógójì." Ó parí. Mùsùlùmí o, Kírísítẹ́nì o, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ní ilẹ̀ yìí pé wọ́n ti ṣàdúrà ogójì ọjọ́, àlejò ti lọ, wọ́n ti kó àga àyálò padà, ilé ti ku onílé.

Ó wá ku "kò gbé e kúrò." Ìlà yìí ni mo bá jà jù, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Tó bá ti ń gbálẹ̀ yí i ká, ṣebí a ti mọ̀ pé kò gbé e kúrò? Àlàyé kékeré lòun náà, ó kàn wọṣọ ewì ni. Ẹ tún gbọ́ ohùn ẹ̀: "kúrò," ohùn ẹ̀ já wálẹ̀ lópin, mí lọ sí dò, ó dún bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn pa. "Yí i ká" ńkọ́? Òkè ló parí sí, mí, ó so rọ̀ síbẹ̀, etí ṣì ń retí nǹkan. Èdè wa ni, ohùn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lè pa ewì dé tàbí kó ṣí i sílẹ̀ kí ìtumọ̀ tiẹ̀ tó dá sí i, kẹ́ ẹ sì máa kà á sókè lẹ fi lè gbọ́ ọ, ojú ò lè rí i. Mo gé e. Ọ̀rẹ́ mi ti Kétu ò gbà títí di òní, ó ní ìlà yẹn ló ní agbára jù, pé "ká" yẹn ń ṣe òun bí àtẹ̀gùn tó ku ìgbésẹ̀ kan kó parí. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ má lọ rò pé kẹ́ ẹ kàn fi àmì ìbéèrè sópin ló máa tán an o. "Ṣé bí ìfẹ́ ṣe rí kọ́ nìyí?" ìwàásù náà ni, ó kàn yí ojú padà ni. Àmì ìdánudúró mẹ́ta tẹ́ ẹ ń tò sópin yẹn náà, mi ò gba tiẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ewì ìgbéyàwó ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ké, tàbí ti rédíò lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́ kó yé wọn kedere, ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ ibi tí wọ́n máa gbé ọmọ lọ, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ yín nìyẹn.

Ìyá mi ò tíì gbọ́ ewì náà. Ó kàn gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi pé mo kọ nǹkan nípa àjẹ̀ sórí fóònù. Lánàá ó pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní ṣé ẹnì kan ti ná an.