Kì í ṣe gbogbo òyìnbó ló ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́

Ẹ yà sí èyíkéyìí nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù ní Lágéré, tàbí lẹ́nu géètì yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, kí ẹ béèrè bí òyìnbó ṣe ń kọ déètì. Ohun kan náà ni wọ́n máa sọ fún yín: "Oṣù ni òyìnbó máa ń kọ́kọ́ kọ." Ọ̀pọ̀ ló tún gbà pé nọ́ńbà kò ní èdè, pé ẹni tó bá ti lè ka 1 dé 9, kò sí déètì tí kò lè kà, ibi yòówù kí ìwé náà ti wá. Èrò méjèèjì yìí ò tọ̀nà, wọ́n sì ń ba ìwé àwọn èèyàn jẹ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ wa ní ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, òun la sì ń kọ ní Nàìjíríà títí dòní. Faransé, Jámánì àti Ítálì náà ń fi ọjọ́ ṣáájú. Ní Họ́ngárì àti Swídìn, ọdún ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà oṣù, kí ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ní Kánádà, wọ́n ń lo ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé "òyìnbó ló kọ ọ́," kò tíì sọ nǹkan kan fún wa nípa èyí tó jẹ́ oṣù nínú rẹ̀.

Màmá kan láti Ìlódè ló jẹ́ kí n pinnu láti kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Káàdì ìbí ọmọ rẹ̀ ló mú wá. Hámbọ̀gì ní Jámánì ni wọ́n bí ọmọ náà sí nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kàwé níbẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ kọ káàdì náà pẹ̀lú gègé. Ó ní, "Ọmọ mi, ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní wọ́n ti fagi lé déètì yìí, pé kí n wá ẹni tó máa fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Mo ní, "Ẹ jókòó, Màmá. Kò sẹ́ni tó fagi lé nǹkan kan níbẹ̀."

Déètì tó wà lórí káàdì náà ni 1.7.1972. Àmọ́ bí ojú wa ṣe máa kọ́kọ́ rí i kọ́ nìyẹn. Ní Jámánì, wọ́n kì í kọ́ ọmọ iléèwé láti fa 1 ní ìlà kan ṣoṣo bíi tiwa. Láti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì ni bírò ti máa gòkè, á gùn dé òkè, kó tó wá já wálẹ̀ tààrà. Nígbà míì ìlà tó gòkè yẹn máa ń gùn tó èyí tó wálẹ̀, nǹkan náà á wá dà bí àjà ilé tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí wọ́n kọ́ níléèwé wa máa pè é ní 7. Àwọn náà mọ̀ pé 1 wọn lè jọ 7, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa ìlà kékeré dábùú ìbàdí 7 gan-an. Ìlà yẹn ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àwa ò nílò rẹ̀, nítorí pé 1 tiwa kò ní orí kankan tó lè mú un jọ 7.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí káàdì Màmá. Akọ̀wé rí 1 tó ní orí, ó pè é ní 7. Ó rí 7 tó ní ìlà ìdábùú, ó ní wọ́n ti fagi lé e. Ní ọ́fíìsì wa, nọ́ńbà tí wọ́n bá fagi lé láìsí ìbuwọ́lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé náà ti di ìwé ìfura nìyẹn. Báyìí ni ìwé tó mọ́ kedere ṣe di èyí tí wọ́n ń dá padà.

Ọdún ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ tí mo bá fẹ́ ka irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọdún bá jẹ́ mẹ́rin gbáko, tí ẹni tó ni ín sì jẹ́ ẹni tí wọ́n bí ní ọ̀rúndún tó kọjá, nọ́ńbà àkọ́kọ́ níbẹ̀ kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju 1 lọ. Ẹ tẹjú mọ́ 1 yẹn dáadáa: bí ẹni yìí ṣe ń kọ 1 nìyẹn. Nínú 1972, nọ́ńbà kẹta ló ní ìlà ìdábùú. 7 tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá gbé méjèèjì padà sí ọjọ́ àti oṣù, kí ẹ fi wé ohun tó wà níbẹ̀. Lórí káàdì Màmá, èyí tó kọ́kọ́ jáde jọ 1 inú 1972 gẹ́lẹ́, èkejì sì ní ìlà bíi 7 inú rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọdún ní méjì péré, bíi 72, 1 ti sọnù nìyẹn. Ẹ máa ní láti wá a níbòmíì lórí ìwé náà, nínú nọ́ńbà ilé tàbí aago tí wọ́n bí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ tí wọ́n bí ní 2003, nítorí ọdún yẹn kò ní 1, kò sì ní 7.

A ti mọ nọ́ńbà báyìí, ó ku ètò rẹ̀. Ṣé ọjọ́ kìíní oṣù keje ni, àbí ọjọ́ keje oṣù kìíní? Àmì ìdánudúró tó wà láàárín wọn ń tọ́ka sí nǹkan kan. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, nọ́ńbà tí àmì yẹn bá tẹ̀ lé máa ń túmọ̀ sí "kìíní" tàbí "keje," bí àwa náà ṣe ń pè é. Ṣùgbọ́n n kì í gbára lé àmì yẹn nìkan, torí àwọn ará Amẹ́ríkà kan náà máa ń lò ó. Ẹ̀rí tó dájú ni kí ẹ wá déètì mìíràn lórí ìwé kan náà tí nọ́ńbà rẹ̀ kan ju 12 lọ. Lẹ́yìn káàdì Màmá, ọjọ́ tí wọ́n fi káàdì náà lélẹ̀ wà níbẹ̀: 13.7.1972. Kò sí oṣù kẹtàlá. Ọwọ́ kan náà ló kọ déètì méjèèjì, nítorí náà ọjọ́ ló ń fi ṣáájú, oṣù keje sì ni wọ́n bí ọmọ náà.

Màmá fúnra rẹ̀ tún fi ẹ̀rí kan kún un: "Sátidé ni mo bí i." Ọjọ́ kìíní oṣù keje 1972 bọ́ sí Sátidé lóòótọ́, ọjọ́ keje oṣù kìíní sì bọ́ sí Fráìdé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ràn ẹ̀rí yìí, ó sì dára, àmọ́ ó ní ibi tó ti ń tani. Ní ọdún tí oṣù kejì rẹ̀ bá ní ọjọ́ 28, ọjọ́ 175 ló wà láti ọjọ́ keje oṣù kìíní dé ọjọ́ kìíní oṣù keje, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 25 géérégé. Nítorí náà, ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ ni méjèèjì máa ń bọ́ sí. Ká ní ọdún 1971 ni wọ́n bí ọmọ náà, Tọ́sìdé ni méjèèjì ì bá jẹ́, ẹ̀rí Màmá kò sì ní yanjú ọ̀rọ̀. Torí pé oṣù kejì 1972 ní ọjọ́ 29 ló jẹ́ kó ṣeé lò.

Ẹnìkan lè sọ pé irú ìdàrúdàpọ̀ yìí kò lè wọ́pọ̀. Ẹ jẹ́ ká kà á. Ọjọ́ méjìlá àkọ́kọ́ nínú oṣù méjèèjìlá jẹ́ ọjọ́ 144. Ẹ yọ 12 tí ọjọ́ àti oṣù ti jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bíi 5/5, torí ìyẹn ò lè ṣini lọ́nà. Ó ku 132. Ju ìdá mẹ́ta ọdún lọ nìyẹn tí déètì ṣeé kà lọ́nà méjì, tí méjèèjì á sì dà bí òtítọ́.

Kọ̀ǹpútà kì í gbà wá níbẹ̀. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ló ṣì wà ní English (United States) bí wọ́n ṣe rà á. Bí ẹ bá tẹ 1/7/1972 sínú Excel lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ó máa gbà á láìjanpata, á sì tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ keje oṣù kìíní. Ohun tí ẹ tẹ̀ náà lẹ máa máa rí lójú, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa fura. Bí ẹ bá wá tẹ 13/7/1972, kò ní rí oṣù kẹtàlá, ó máa fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ fẹ ibi tí déètì wà kó gbòòrò: bí àwọn kan bá lẹ̀ mọ́ apá òsì tí àwọn yòókù wà lápá ọ̀tún, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àwọn ti apá òsì tí gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ tún ṣe, àwọn gan-an ló ṣì bá ohun tí ẹ tẹ̀ mu. Àwọn ti apá ọ̀tún tó dà bíi pé ó dáa ló ti yí padà. Títún ètò kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn náà kò lè tún wọn ṣe, torí ọjọ́ tí kò tọ́ ló ti wà nínú rẹ̀. Ohun tí mò ń tẹ̀ nìyí, torí Excel máa ń lóye rẹ̀ bákan náà níbi gbogbo:

```
1972-07-01
```

Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá ń lo irú ètò yìí níbi tí kò ti yẹ kí àṣìṣe wà. Ẹ wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù tó ní fọ́tò. Ọdún, oṣù, ọjọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọjọ́ ìbí níbẹ̀, láìsí àlàfo kankan, nínú pásípọ́ọ̀tù gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ ìbí ọmọ Màmá yẹ kó jẹ́ 720701. Nígbà tí a ṣí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, 720107 la bá. Ẹnìkan ti ka káàdì náà ní "oṣù ṣáájú" tipẹ́tipẹ́, wọ́n fi ṣe àfidéfítì ní kóòtù, àfidéfítì ló sì bí pásípọ́ọ̀tù.

Mo ní kí Màmá má tíì lọ ṣe àfidéfítì kejì. Ní Jámánì, ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ti ìlú tí wọ́n bí èèyàn sí ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí fún ọdún 110, nítorí náà ti ọmọ yìí ṣì máa wà lọ́wọ́ wọn títí di 2082. Kí wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì Hámbọ̀gì, kí wọ́n sì béèrè fún ìwé ìbí tí wọ́n ń tẹ̀ ní èdè púpọ̀. Lórí ìyẹn, wọ́n ya àyè ọjọ́, ti oṣù àti ti ọdún sọ́tọ̀, àkọlé tirẹ̀ sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.