"Premieres" ni wọ́n kọ sábẹ́ fíìmù yìí: ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, fíìmù Yorùbá kan wà lórí Yútúùbù tí wọ́n kọ "Premieres" sábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣeré. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀, kí n sì mọ̀ bóyá ṣáàtì rẹ̀ ṣí?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Láìfù ni. Wọ́n ń yà á lọ́wọ́ ni. Ẹ ṣáà dúró.

Àkàndé: Rárá o. Èmi ni mo máa ń bá àwọn ọ̀gá mi gbé fíìmù sórí Yútúùbù. Fíìmù ti parí, ó ti wà níbẹ̀ pátá, ọjọ́ àti aago ni wọ́n fi dá a dúró. Mà, ẹ wo abẹ́ àkọlé. Tó bá jẹ́ "Premieres", tí ọjọ́ àti aago tẹ̀ lé e, kò tíì tó àkókò. Tó bá jẹ́ "Premiere in progress", ó ń lọ lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ "Premiered", wọ́n ti wò ó tán, ẹ lè wò ó nígbà tó bá wù yín. Ẹ fojú sí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn.

Bísí Ìlọrin: Dátà mi ló tán síbi tí mo ti ń dúró. Láti aago márùn-ún ni mo ti ṣí i sílẹ̀!

Àkàndé: Ẹ má jókòó tì í. Ẹ tẹ "Notify me". Bó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, fóònù á pè yín, á tún pè yín nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ti pa ìkìlọ̀ Yútúùbù lórí fóònù yín, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ Ẹ̀gbá: LÁÌFÙ NI. Tí kì í bá ṣe láìfù, kí ló dé tí mi ò lè fò ó síwájú?

Àkàndé: Torí pé gbogbo wa la jọ ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. O lè dá a padà sẹ́yìn, o ò kàn lè kọjá ibi tí gbogbo èèyàn dé. Ṣáàtì nìkan ni láìfù níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá: O ti gbà nìyẹn.

Bàbá Ṣadé: Èmi wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Aago 7 alẹ́ ni wọ́n kọ sínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, 6:00 PM ni fóònù mi ń sọ. Èwo ni irọ́?

Àkàndé: Kò sí irọ́ níbẹ̀, sà. Aago ibi tí ẹ wà ni Yútúùbù fi ń hàn yín. Lásìkò òtútù yìí, Èkó fi wákàtí kan ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yín, aago méjèèjì á dọ́gba.

Fadérera Houston: Ọ̀sán gangan, aago 12, ló bọ́ sí fún wa níbí. Ibi iṣẹ́ ni mo wà.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe fíìmù, aago Nàìjíríà ni kí gbogbo yín máa lò.

Fadérera Houston: Ṣé ìwọ ló máa bá mi ṣàlàyé fún ọ̀gá mi?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Kí ló gbé ẹ dé ọ̀hún?

Fadérera Houston: Iṣẹ́. Ìwọ ńkọ́, ta ló ń ra dátà fún ẹ?

Bísí Ìlọrin: Haa! Mo ti gbé ṣinṣín wá, ẹ máa bá a lọ 😂

Wálé Fóònù: Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n máa ń kà sẹ́yìn kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀.

Àkàndé: Ìṣẹ́jú méjì ni tí ẹni tó ni ín kò bá yí i padà. Aago 7 gan-an ni kíkà bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orin, kí fíìmù tó wọlé ní 7:02. Àwọn kan máa ń rò pé ó bàjẹ́, wọ́n á pa á.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun. Ṣáàtì ńkọ́?

Àkàndé: Lórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ọ̀tún fíìmù ló wà. Lórí fóònù, abẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n lè ṣí i ṣáájú àkókò, kí àwọn èèyàn ti máa kí ara wọn. Tí ẹ ò bá rí i rárá, ẹni tó ni fíìmù lè ti tì í, tàbí kó jẹ́ pé ó ti yan fíìmù náà fún ọmọdé. Tí ẹ bá ń kà á àmọ́ tí kò jẹ́ kí ẹ kọ nǹkan, ẹ wò ó bóyá ẹ ti wọlé sí àkáǹtì yín, tàbí bóyá àwọn tó tẹ "Subscribe" nìkan ló fàyè gbà. Tí ẹ bá sì ń wá ọ̀rọ̀ ẹnì kan tí ẹ ò rí i, ẹ kúrò ní "Top chat", ẹ bọ́ sí "Live chat". "Top chat" máa ń yọ àwọn kan sẹ́yìn.

Wálé Fóònù: Èmi kọ tèmi sí kọ́mẹ́ǹtì, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Àkàndé: Kọ́mẹ́ǹtì yàtọ̀ sí ṣáàtì, arákùnrin.

Ìyá Ìbejì: Ṣáàtì ò sí lábẹ́ tèmi o. Fíìmù àgbà sì ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Fadérera, o ò tíì dá mi lóhùn.

Fadérera Houston: Ọ̀gá mi ti dé. Dúró dè mí.