Kẹ́ ẹ tó sọ “affect” di “effect”, ẹ pe ojú iṣẹ́ ná

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọwọ́ yín ni ìròyìn ibi tí iṣẹ́ dé máa ń gbà kó tó lọ bá ẹni tó ni iṣẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ “affect” àti “effect” kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà tí èèyàn lè jókòó sí ọ́fíìsì kó fi orí ara rẹ̀ yanjú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú iṣẹ́ ló máa sọ èyí tó tọ̀nà.

Ìròyìn kan wọlé sọ́dọ̀ wa nígbà òjò, láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe gọ́tà ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “Rain has effected the delivery of sand.” Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́ ni pé òjò ò jẹ́ kí típà rí ọ̀nà gbà, iyanrìn ò dé. Ohun tó kọ ni pé òjò ló gbé iyanrìn dé. Torí pé bí wọ́n bá ní ẹnì kan “effect” nǹkan, ó ti mú un ṣẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ó “affect” rẹ̀, ó kàn kàn án lára ni, bóyá ó dí i lọ́wọ́, bóyá ó yí i padà. Èyí ò le. Kò sẹ́ni tó máa gbà pé òjò ń wa típà, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wàhálà wà: “The electricians will affect the pump repairs on Friday.” Ọ̀kan nínú wa, tí gírámà rẹ̀ mú dáadáa, ti fẹ́ sọ ọ́ di “effect” kíá, torí ó rí oníná, ó rí àtúnṣe, ó ní àwọn ló máa ṣe é. Kọ̀ǹpútà ò lè gbà wá níbẹ̀. Sípẹ́lì ọ̀rọ̀ méjèèjì pé, kò ní fa ìlà pupa sí i, gbólóhùn náà sì dúró dáadáa bó o bá lo èyíkéyìí. Ni mo bá pe fóòmàn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn oníná tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé àwọn ló máa tún pọ́ǹpù ṣe ni?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Iná ni wọ́n fẹ́ pa. A ò ní lè fọwọ́ kan pọ́ǹpù rárá lọ́jọ́ náà.”

Ṣé ẹ rí i? “Affect” tó wà nínú ìròyìn náà ló tọ̀nà! Ká ní a ti “tún un ṣe”, à bá ti ṣèlérí pọ́ǹpù fún ẹni tó ni iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Síbẹ̀ n ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹlòmíì tún lè ṣì í kà. A yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò pátá: “Power will be off on Friday. No pump repairs that day.” Èmi fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ jù.

Ohun kan tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ má fi Replace All sọ gbogbo “effect” di “affect”. Ó máa ba “with effect from Monday” jẹ́, ó sì máa sọ “repairs were effected” tó ti dáa tẹ́lẹ̀ di nǹkan míì. Ẹ tẹ Ctrl+F, kẹ́ ẹ wá `ffect` nìkan. Ó máa gbé méjèèjì jáde, ẹ ó sì máa wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pọ́ǹpù yẹn náà ló mú mi rántí “ceased” àti “seized”. “The pump ceased” ni pé ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, bóyá epo ló tán. “The pump seized” ni pé ó ti nọ́kì, kò yí mọ́. Ẹni tó bá ka èkejì lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó pọ́ǹpù tuntun. Ìpè ni ìyẹn náà gbà. Àmọ́ “approved in principal” àti “two personal on site”, kí lẹ fẹ́ pe ẹnikẹ́ni sí? Ẹ kọ “principle” àti “personnel”, ó parí.

Bí ìròyìn bá ti lọ, ẹ má yọ́ kẹ́lẹ́ pààrọ̀ fáìlì. Tó bá jẹ́ irú ti “personal” yẹn, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kan ọjọ́, owó tàbí ẹni tó máa ṣe iṣẹ́, ẹ fi òmíràn ránṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sókè pátápátá pé gbólóhùn báyìí ló yí padà, àti ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ka ti àkọ́kọ́ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò lé e lórí.