Máàkì nìkan kò gbé ọmọ náà wọlé

“Báwo ni ọmọkùnrin inú ìtàn yìí ṣe gba máàkì tó tó, tí kò sì rí yunifásítì wọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́?”

Òǹkọ̀wé kò ṣàsọdùn rárá. Nígbà tí ọmọ náà forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, kò tíì ṣe WAEC, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń retí èsì. Èsì jáde, ó yege, bàbá rẹ̀ tó ń dáko kòkó lẹ́bàá Àkáǹrán pa adìyẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú ẹbí tó mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ padà sí ibùdó ìdánwò tí JAMB fọwọ́ sí, kí wọ́n lè gbé èsì náà sórí ìkànnì. Yunifásítì Ìbàdàn ń béèrè máàkì 200 nínú JAMB, ó kéré tán, ọmọ náà sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí èsì WAEC kò bá sí lórí CAPS, ìyẹn ìkànnì tí JAMB fi ń ṣètò ìgbaniwọlé, wọn kò ní ohun tí wọ́n máa fi gbé e yẹ̀ wò.

Ibi tí ìtàn náà ti wọ̀ mí lára jù ni ìgbà tó ṣí “My O'Level” ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Mọníyà, tó rí “Awaiting Result” níbi tó yẹ kí máàkì rẹ̀ wà. Ó wù mí kí òǹkọ̀wé fi kún un pé, lọ́dún kejì, nígbà tí wọ́n fún un ní ipò, òun fúnra rẹ̀ ló ní láti tẹ “Accept Admission” kó tó di tirẹ̀.