80 nínú 100: 100 kí ni?

Bàbá kan tí mò ń bá kọ́lé ní Ìjàpọ̀, níbí ní Àkúrẹ́, pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. "Ẹnjiníà, o kọ 80 pásẹ́ǹtì sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Ṣé iṣẹ́ ti dé ìdá 80 ni?" Mo ní rárá o, sà. "Àbí ìdá 80 nínú àdéhùn wa lo fẹ́ mú ṣẹ?" Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo rántí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ nọ́ńbà yìí síwèé fún oníbàárà kò lè sọ ohun tó jẹ́. Mo bá wá agolo mílíìkì mẹ́ta, mo sì gba ilé wọn lọ.

Ibi tí iṣẹ́ dé nìyí. A ti kan òrùlé tán. Èèyàn mẹ́ta ló kù tí wọ́n máa wọlé pọ̀ lọ́jọ́ kan náà: oní pí-ó-pì, alamúníọ̀mù tó ń ṣe fèrèsé, àti oníná. Pẹ́ńtà kò lè wọlé àfi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti jáde. Mo bi oníkálukú wọn léèrè, oníkálukú ní ọjọ́ 12. Bí a bá ń ṣe ètò iṣẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é, ọjọ́ 12 náà la máa kọ, pẹ́ńtà á wọlé lọ́jọ́ 13, Bàbá á sì lọ tẹ ìwé ìpè ìṣílé.

Èmi kì í lọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n sọ nìkan. Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ ọjọ́ tí irú iṣẹ́ báyìí gbà gan-an sí. Mo mú iṣẹ́ 20 níbẹ̀, mo kọ iye ọjọ́ wọn sórí bébà kéékèèké. 14 nínú wọn parí ní ọjọ́ 12 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Méjì gba 13, méjì gba 16, ọ̀kan gba 18, ọ̀kan sì gba 24 (gíláàsì ló fọ́ lójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́). Mo fi irú bébà 20 kan náà sínú agolo kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, àwọn oníṣẹ́ wa kò purọ́. Ẹni tó sọ 12, nínú ìgbà mẹ́wàá, ìgbà méje ni ó ń rí i ṣe.

Ọmọ ọmọ Bàbá ló ń fa bébà. Ó mú ọ̀kan nínú agolo kọ̀ọ̀kan, mo wo èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́ta, nítorí ẹni tó bá pẹ́ jù ni pẹ́ńtà ń dúró dè, mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó dá wọn padà, ó mì wọ́n. A ṣe é ní ìgbà 100. Ó lé ní wákàtí kan, bísíkíìtì méjì sì bá a lọ. Nígbà tí a kà á, ìgbà 36 péré ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí kí ọjọ́ 12 tó kọjá. Bàbá wo ọmọ náà bíi pé ó ṣe màgòmágó. Kò ṣe nǹkan kan. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro:

```
0.7 × 0.7 × 0.7 = 0.343
```

Ẹni mẹ́ta tí oníkálukú wọn ṣeé gbára lé díẹ̀, tí a bá ní kí wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan, àdéhùn wọn á di nǹkan tí kò tó ìdajì. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni, ọjọ́ 13 ti tó láti ní 80 nínú 100. Fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ 16 gan-an kò ju 73 lọ. Ó di ọjọ́ 18 kó tó kọjá 80.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe náà nìyẹn, àfi pé òun lè fa bébà ní ìgbà 10,000 kí o tó mu omi tán. Mọ́ńtè Kálò ni wọ́n ń pè é, orúkọ ìlú àwọn atatẹ́tẹ́ ní Mònákò. Stanislaw Ulam, onímọ̀ ìṣirò kan, ló ro ó ní 1946, nígbà tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀ láti inú àìsàn, tó ń fi káàdì ṣeré.

Nítorí náà, 80 yẹn kì í ṣe ìlérí. Ó ń sọ pé: nínú ìgbà 100 tí a bá fa bébà láti inú àwọn agolo yìí, ìgbà 80 ni iṣẹ́ máa ti parí kí ọjọ́ yìí tó kọjá. *Àwọn agolo yìí* ni kókó ọ̀rọ̀. Ohun tí kò bá sí lórí bébà kankan, kò sẹ́ni tó máa fà á. Bí ọmọ onílẹ̀ bá wá fi pákó dí ẹnu géètì wa, 80 mi kò mọ̀ ọ́n. Kí a fà á ní ìgbà mílíọ̀nù kan, kò ní mú bébà tuntun kan jáde.

Ibi tí wọ́n ti máa ń fi nọ́ńbà yìí tan ara wọn jẹ nìyí. Níbi iṣẹ́ kan tí mo bá wọn ṣe sẹ́yìn, ní Alágbàká, ọ̀gá rí i pé ọjọ́ tí òun fẹ́ ní Oṣù Kejìlá kò ní ju 30 nínú 100 lọ. Kò sún ọjọ́. Bébà ló ní kí wọ́n yí padà. Ẹ dín 24 kù sí 14, ẹ dín 18 kù sí 13. Lójú ẹsẹ̀ ló di 80. Oṣù Kẹta ni a gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn mí, kì í ṣe 80 ni mo kọ́kọ́ ń wò. Mo ń béèrè ọjọ́ tó burú jù lọ tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá sọ 12, tí èyí tó burú jù jẹ́ 13, mo mọ̀ pé orí tábìlì ni wọ́n ti kọ ọ́, wọn ò wo ìwé ẹ̀yìn.

Agolo kẹrin ni Bàbá kò fẹ́ràn. Mo ní kí a fi owó síbẹ̀. Bébà 16 tí kò ní nǹkan kan, mẹ́rin tí mo kọ ọjọ́ 7 sí, fún ìgbà tí owó bá pẹ́. Bí agolo mẹ́ta bá dá dúró, ìyà oní pí-ó-pì kò mọ ìyà oníná. Àmọ́ bí owó bá pẹ́, gbogbo wọn ló ń jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. "Èmi ni o ń bá wí," ni Bàbá sọ. Mo ní ẹ má bínú sà, owó ni. Nígbà tí a fi agolo náà kún un, ọjọ́ 18 di 23. Bàbá tẹ ìwé ìpè wọn pẹ̀lú 23.

Pẹ́ńtà wọlé ní ọjọ́ 20. Àwọn èèyàn ti ń kí mi pé mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè sọ bóyá 80 mi dára. Bó bá wọlé ní ọjọ́ 26 pẹ̀lú, kò sọ pé mo ṣìnà, nítorí ìgbà 20 tó kù nínú 100 náà wà níbẹ̀. Ohun tó lè sọ ọ́ ni kí n to gbogbo ọjọ́ tí mo ti kọ 80 sí pọ̀, kí n ka iye tó bá a. Bí gbogbo wọn bá ń bá a, mo ti bu ọjọ́ pọ̀ jù. Títí di òní, 11 ni mo ti kọ, méje ló bá ọjọ́ rẹ̀. Ó kéré díẹ̀ lójú mi. Mo ti ju bébà 24 kejì sínú agolo alamúníọ̀mù.