Pírintà Tó Ń Pariwo Bí Ẹ Ṣe Tàn Án Kò Tíì Kú: Ẹ Gbé Ọ́ìlì Yẹn Sílẹ̀

Mo tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánsẹ́kẹ́ tí mo ti lọ ra ìwé A4. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ tan pírintà onítáǹkì wọn. Ó ṣe gìrìrì, ó ṣe kọ́, hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ń tu íǹkì sórí ìwé sá lọ, ó sá bọ̀, ó tún ṣe kọ́. Ọkùnrin kan tó ń dúró de fótókọ́pì ló sọ̀rọ̀: "Àǹtí, ẹ tètè pa á o! Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti ń nọ́ọ̀kù. Ẹ bá a kán ọ́ìlì máṣíìnì sí i kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́." Ọmọbìnrin náà sì fa wáyà yọ nígbà tí hẹ́ẹ̀dì ṣì wà láàárín ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí ohun tí wọ́n ṣe yẹn gan-an ló ń gbé pírintà wá sọ́dọ̀ mi.

Ó ti lé ní ọdún 10 tí mo ti ń tún pírintà ṣe nílùú Abẹ́òkúta yìí. Mi ò lè ka iye tí wọ́n ti gbé wá pé "ó ń pariwo," tí mo tàn án, tí mo gbọ́ ọ, tí mo sì ní kí wọ́n gbé e padà lọ sílé nítorí pé kò sí ohunkóhun tó ṣe é. Èyí tí wọ́n ti rọ ọ́ìlì sí ló ń bà mí nínú jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ariwo yẹn jẹ́. Pírintà kì í rántí ibi tí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́yìn tí iná bá ti kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ ṣe tàn án, ó ní láti wá ilé rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Àwọn rólà á kọ́kọ́ yí, wọ́n á máa wò ó bóyá ìwé há sínú. Gìrìrì tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ohun tó ti hẹ́ẹ̀dì mọ́ ibi ìsinmi rẹ̀ lápá ọ̀tún á sí, a sì gbọ́ kẹ́ kékeré kan. Hẹ́ẹ̀dì á wá rọra rìn títí yóò fi kan ògiri ẹ̀gbẹ́, kọ́! Ibi tó kàn yẹn ló máa pè ní òdo, láti ibẹ̀ ló ti máa ka gbogbo ìrìn rẹ̀. Tó bá padà sílé, páǹpù kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ á fa íǹkì díẹ̀, rọ́bà kan á sì nu ojú rẹ̀. Ìyẹn ló ń dún rírírí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́, iná rẹ̀ á dúró láìṣẹ́jú.

Àwọn tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń nọ́ọ̀kù ń fi í wé ọ̀kadà. Kò sí písítìnì nínú pírintà. Mọ́tò kékeré ni, bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àti gíà oníke.

Tí iná ìjọba bá lọ níbi tó ti ń tẹ̀wé lọ́wọ́, tàbí tí ẹ bá pa jẹnẹrétọ̀ láìkọ́kọ́ pa pírintà, hẹ́ẹ̀dì ò ráyè wọlé. Ìta gbangba ló máa wà, íǹkì á sì máa gbẹ lójú rẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, ariwo rẹ̀ á pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá, á sì pẹ́ jù, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fọ ara wọn lẹ́yìn irú ìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn èèyàn. Wọ́n á fa wáyà yọ. Wọ́n á tún tàn án, á tún fọ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, íǹkì á máa ṣòfò lọ sínú fóòmù ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ dúró kó dákẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló wá kù. Màmá kan tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìta-Èkó gbé tirẹ̀ wá. Ó ti lò ó fún bí ọdún 2. Iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi tó ti ń tẹ fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé, nígbà tó dé, pírintà pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aládùúgbò rẹ̀ kan bá a kán ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ sórí irin tí hẹ́ẹ̀dì ń gùn. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ó tàn án, hẹ́ẹ̀dì fi agbára gbá ògiri ẹ̀gbẹ́: gbàù! gbàù! gbàù! Ó dúró gbagidi, iná rẹ̀ méjèèjì ń ṣẹ́jú, kò tẹ̀wé mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jóná, ó sì pe owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti pírintà tuntun.

Mo ṣí i, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Lẹ́yìn hẹ́ẹ̀dì, ọ̀já oníke tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó nà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àwa tá à ń tún un ṣe ń pè é ní ẹńkódà. Tẹ́ ẹ bá wò ó lókèèrè, ẹ ó rò pé òfìfo ni, àmọ́ ìlà wẹ́wẹ́ ló kún ara rẹ̀, nínú íńṣì kan ṣoṣo, wọ́n lé ní 100. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn hẹ́ẹ̀dì tó ń tan iná gba inú ọ̀já yìí kọjá, tó sì ń ka àwọn ìlà náà níkọ̀ọ̀kan bí hẹ́ẹ̀dì ṣe ń rìn. Ohun tó ń kà yẹn nìkan ló fi ń mọ ibi tó wà.

Ọ́ìlì ti ta sí tirẹ̀. Ní apá òsì, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Tí hẹ́ẹ̀dì bá dé ibẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ò rí ìlà kankan kà mọ́. Pírintà á rò pé hẹ́ẹ̀dì ò tíì kúrò lójú kan, á fún mọ́tò lágbára sí i, hẹ́ẹ̀dì á sáré títí á fi gbá ògiri. Gbàù tí màmá gbọ́ nìyẹn. Bọ́ọ̀dù ò jóná rárá.

Mo da omi díẹ̀ sínú abọ́, mo kán ọṣẹ ìfọ-abọ́ ẹyọ kan sí i, mo rẹ aṣọ tí wọ́n fi ń nu awò ojú, tí kì í bọ́ òwú, sínú rẹ̀, mo fún un gbẹ. Mo fi ọwọ́ kan di ọ̀já náà mú kó má bàa yọ kúrò lórí ìkọ́ rẹ̀, mo fi èkejì nù ún sí ọ̀nà kan ṣoṣo, mi ò fà á lọ fà á bọ̀. Mo ṣe é nígbà mẹ́ta, mo fi omi lásán nù ún, mo fi aṣọ gbígbẹ kẹ́yìn. Mi ò lo sípíríìtì, torí pé ó lè pa ìlà ara òmíràn nínú wọn rẹ́, tí ìyẹn bá sì ti ṣẹlẹ̀, ọ̀já tuntun ló kù. Lẹ́yìn náà ni mo nu irin tí hẹ́ẹ̀dì ń gùn. Ọ́ìlì àti eruku ti di ẹrẹ̀ dúdú lórí rẹ̀.

Mo tàn án. Gìrìrì, kẹ́, kọ́, rírírí. Ó dákẹ́ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Màmá ní, "Ẹnjiníà, ariwo ẹ̀ ṣì wà o." Mo ní, "Ẹ máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́, Mà, ìlera rẹ̀ nìyẹn." Mi ò pààrọ̀ nǹkan kan. Lóòótọ́, àwọn tó ṣe é máa ń fi gíríìsì díẹ̀ sí irin yẹn, àwa náà sì máa ń fi tuntun sí i lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Ti máṣíìnì ìránṣọ kọ́, ẹni tí kò sì mọ ibi tí ẹńkódà wà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ariwo wo ló wá yẹ kó bà yín lẹ́rù? Gbàù yẹn ni àkọ́kọ́: kó gbá ẹ̀gbẹ́ ní ìgbá líle ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ pa á, ẹ wo ẹńkódà kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Èkejì ni krrr tó máa ń ti ibi tí ìwé ń gbà wọlé wá, tó sì ń sọ pé ìwé há nígbà tí kò sí ìwé níbẹ̀. Nǹkan ló já sínú rẹ̀. Pírintà tí wọ́n ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ dálẹ́ máa ń gba gbogbo nǹkan mọ́ra. Mo ti yọ píìnì, ìdérí báírò àti ọmọńlé tó ti gbẹ rí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan dí hẹ́ẹ̀dì lọ́nà, ẹ tàn án, ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ nígbà tí hẹ́ẹ̀dì bá ti kúrò nílé (ìgbà kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ sí kí ẹ fa wáyà nìyẹn), kí ẹ wá fi ọwọ́ rọra tì í lọ tì í bọ̀. Ó yẹ kó máa lọ bákan náà jálẹ̀. Ibi tó bá ti kọ́wọ́ ni kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí. Ẹ má fi agbára tì í nígbà tó bá wà nínú ilé, títì ni wọ́n tì í mọ́bẹ̀, ohun tó dì í mú lè ṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń dún bí aago, kẹ́... kẹ́... kẹ́, tí àlàfo àárín wọn kì í yí padà, tó sì ń yára tí rólà bá yára. Eyín gíà kan ti ṣẹ́ nìyẹn. Bí gíà náà bá ṣe ń yí po lẹ́ẹ̀kan, ibi tí eyín ò sí á dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ̀wé kan, ẹ ó rí ìlà tó ń fara hàn ní àlàfo kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ọ́ìlì tó ń hu eyín, gíà yẹn ni kí ẹ pààrọ̀ kó tó ba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ti pírintà onítónà, èyí tó ń lo lẹ́búlẹ́bú dípò íǹkì olómi, kò pọ̀ lẹ́nu mi lónìí. Fíìì tó ń ga lọ sókè nígbà tí ẹ bá tàn án, dígí inú rẹ̀ ló ń yí, kò sí ewu. Tó bá jẹ́ pé ó ń dún bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata ni, ẹ yá tónà mìíràn tó bá a mu, ẹ fi sí i. Bí ariwo bá lọ, tónà yín ló ní àìsàn. Bí kò bá lọ, ibi tó ń yan ìwé gbóná ni mo máa kọ́kọ́ ṣí. Àwọn ariwo kan wà tí èmi náà ò lè mọ̀ àfi tí mo bá tú u, wọn ò pọ̀.

Ní Pánsẹ́kẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí ọmọbìnrin náà ki wáyà padà, kó tàn án, kó sì gbé ọwọ́ kúrò. Mo fi fóònù rẹ̀ gba ohùn pírintà náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tó dákẹ́: ìṣẹ́jú-àáyá 48. Mo ní kó tọ́jú rẹ̀, kó máa gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bá ń ṣe é ní kàyéfì, kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán nǹkan sí i.