Tíṣà tó fẹ́ di tírénà nílé iṣẹ́

Tíṣà Yábàá: Ẹ káàárọ̀ o. Ọdún 9 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní bàọ́lọ́jì. Mo fẹ́ lọ máa tírénì òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ ńlá. Nínú ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, èwo ló máa wúlò níbẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Gbogbo ẹ̀ jàre! Ẹni tó ń kápá ọmọ 60 lọ́sàn-án gangan láìsí iná, kí ni àgbàlagbà 20 tó jókòó sábẹ́ ẹ̀sì máa fi ṣe é? Ẹ ṣáà tún síífì yín kọ.

Ẹ̀gbọ́n Màrínà: Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o. Ọdún 12 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Tíṣà, lẹ́sìn nóòtì yín ni kẹ́ ẹ dì mú, ibi tẹ́ ẹ ti máa ń kọ ohun tí ọmọ á lè ṣe tẹ́ ẹ bá kọ́ ọ tán yẹn, ọ̀pọ̀ tírénà ni ò mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n á kàn kọ ọ́ pé "kí òṣìṣẹ́ mọ̀ nípa kọ́sítọ́mà", báwo lèèyàn ṣe fẹ́ rí "mọ̀" lójú? Bẹ́ ẹ ṣe ń wojú ọmọ tẹ́ ẹ fi ń mọ̀ pé kò yé e, ìyẹn náà á bá yín lọ. Àmọ́ sílábọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń gbé fún tíṣà. Níbí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wádìí bóyá tírénínì tiẹ̀ ni wàhálà yẹn ń fẹ́.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè: Tíṣà lèmi náà, owó oṣù wa kì í tètè wọlé. Ṣé wọ́n ń sanwó lásìkò níbẹ̀ ṣá?

Ẹ̀gbọ́n Màrínà: Ọwọ́ ilé iṣẹ́ kálukú nìyẹn wà, Mà. Ẹ gbọ́ èyí ná. Ilé ìtajà kan pè mí pé àwọn tó ń gbowó ò yára, kọ́sítọ́mà ń tò gbọọrọ, kí n wá tírénì wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ 2. Wọ́n mọṣẹ́ dáadáa, pí-ó-ẹ́ẹ̀sì kan ni àwọn mẹ́rin ń pín lò! Ká ní mo kọ́ wọn ni, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á gba 100 nínú ìdánwò, èrò á ṣì máa tò síbẹ̀. Ẹ̀rọ 2 sí i ni mo ní kí wọ́n rà.

Tíṣà Yábàá: Háà. Ìdánwò lèmi fi ń mọ̀ pé mo ti ṣiṣẹ́ mi o.

Ẹ̀gbọ́n Màrínà: Ibẹ̀ ni tíṣà máa ń dúró sí. Ẹ tẹ Kirkpatrick sórí fóònù yín, ọdún 1959 ló ti kọ ohun 4 téèyàn fi ń mọ̀ bóyá tírénínì ṣiṣẹ́: ṣé wọ́n gbádùn ẹ̀, ṣé ó yé wọn, ṣé wọ́n ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́, kí ló wá bá ilé iṣẹ́ mú wọlé. Ìkẹta yẹn ni kẹ́ ẹ lọ kọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 6, ẹ padà lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ bi ọ̀gá wọn léèrè.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ sanwó kẹ́ ẹ padà wá? Ọjọ́ 2 ni wọ́n pè yín, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Màrínà: Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ni kì í gbà. Mo máa ń kọ ọ́ mọ́ iye tí mo bá dá kí n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì máa ń yọ ọ́.

Tíṣà Yábàá: Èmi ni mo kọ́ àwọn tíṣà 14 bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe rìsọ́ọ̀tì nígbà tí ilé ìwé wa pa ti ìwé tì. Ṣé ìyẹn kà?

Ẹ̀gbọ́n Màrínà: Ó kà gan-an, òun ni kẹ́ ẹ kọ sókè síífì. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló ń dá a ṣe fúnra ẹ̀ ní táàmù tó tẹ̀ lé e?

Tíṣà Yábàá: Mi ò bi wọ́n. Mo máa bi wọ́n ní Mọ́ńdè.